Áàpù Tí Kò Ṣeé Yọ: Bí A Ṣe Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ọn Lórí Fóònù Mọ́mì

 

Ní oṣù tó kọjá, Màmá Àgbà, ìyá Mọ́mì mi, fi fídíò kan ránṣẹ́ sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ń ṣe ìkómọjáde níbẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹnì kan ya fídíò àwọn nígbà tí àwọn ń ki ọmọ náà, kí àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ oríkì ilé wa. Fídíò náà kò wọlé. Ohun tí fóònù Mọ́mì ń sọ ni pé àyè ti tán. Mọ́mì pa fọ́tò rẹ́. Wọ́n pa àwọn ohùn àtijọ́ rẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò ọjọ́ ìbí mi, wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n pa àwọn yẹn náà rẹ́. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ àyè yìí."

Fóònù Áńdíróìdì ni Mọ́mì ń lò. 32 GB ni gbogbo àyè inú rẹ̀, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju 310 MB lọ. Nígbà tí mo wo inú rẹ̀ dáadáa, mo rí áàpù mẹ́rin tí Mọ́mì kò ṣí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra fóònù náà: ọ̀kan fún ọjà títà, ọ̀kan fún orin, ọ̀kan fún ìròyìn, ọ̀kan sì jẹ́ eré. Àwọn kọ́ ló gbà wọ́n wọlé. Inú fóònù ni wọ́n ti bá wọn. Mo tẹ áàpù ọjà yẹn, mo ń wá Uninstall. Kò sí níbẹ̀ rárá. Disable ni mo rí níbi tó yẹ kí ó wà.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn: ìdí tí bọ́tìnì yẹn kò fi sí, ohun tí Disable ń ṣe gan-an, àti ibi tí èèyàn ti lè ṣìṣe. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìṣe, ẹ ó rí i níwájú.

Kí ló dé tí kò ṣeé yọ?

Ẹ jẹ́ ká fi ilé tí a rẹ́ńtì ṣe àpèjúwe. Tí onílé bá ti kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri kí ẹ tó kó wọlé, ẹ lè gbé àga yín jáde, ẹ lè gbé bẹ́ẹ̀dì yín jáde, ṣùgbọ́n ẹ kò lè tú kọ́bọ́ọ̀dù onílé kí ẹ jù ú síta. Bí inú fóònù Áńdíróìdì ṣe rí nìyẹn. Wọ́n pín ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ sí yàrá yàrá. Yàrá kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù. Ibẹ̀ ni Áńdíróìdì fúnra rẹ̀ wà, pẹ̀lú àwọn áàpù tí wọ́n kó sí i kí fóònù tó dé ṣọ́ọ̀bù. Yàrá kejì jẹ́ tiwa. Ibẹ̀ ni fọ́tò, fídíò, Wọ́sáàpù, àti gbogbo áàpù tí àwa fúnra wa gbà wọlé ń gbé.

Fóònù lè ka ohun tó wà nínú yàrá ilé-iṣẹ́, àmọ́ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ nǹkan sí i tàbí láti pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Ìdí tó dára wà fún un. Tí áàpù burúkú kan bá wọ inú fóònù, kò ní lè lọ yí ìpìlẹ̀ fóònù padà. Láti ìgbà Áńdíróìdì 7, tó jáde ní ọdún 2016, fóònù tí wọ́n ṣe pẹ̀lú rẹ̀ máa ń yẹ yàrá yẹn wò nígbà tí a bá ń tàn án, láti rí i pé ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án. Ààbò ni. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tún lo àǹfààní yẹn láti kó áàpù tí a kò bẹ̀ wọ́n fún pa mọ́ síbẹ̀, torí pé àwọn tó ni áàpù náà máa ń san owó fún wọn nígbà mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni kọ́bọ́ọ̀dù onílé ṣe ń jẹ àyè nínú yàrá tiwa? Ọ̀rọ̀ ọ́pídéètì ni. Tí áàpù ọjà yẹn bá gba ọ́pídéètì, ọ́pídéètì náà kò lè wọ yàrá onílé, torí pé yàrá yẹn wà ní títì. Yàrá tiwa ló ń wọ̀. Gbogbo àwòrán àti ìsọfúnni tí áàpù náà ń kó jọ lójoojúmọ́, yàrá tiwa náà ni. Fún ọdún méjì tí Mọ́mì kò ṣí i, áàpù yẹn ń gba ọ́pídéètì, ó sì ń wú sí i nínú yàrá wọn.

Ohun tí Disable ń ṣe

Bọ́tìnì Disable ti wà lórí Áńdíróìdì láti ẹ̀dà 4.0, tó jáde ní ọdún 2011. Kì í tú kọ́bọ́ọ̀dù onílé. Ó ń ti í pa ni. Áàpù tí a bá ti pa báyìí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè jí fúnra rẹ̀ lóru, kò lè jẹ dátà, kò lè fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ojú fóònù, àmì rẹ̀ á sì kúrò láàárín àwọn tó kù. Lẹ́yìn náà, fóònù á kó ọ́pídéètì àti ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá tiwa. Ẹ̀dà tó bá fóònù wá nìkan ló máa kù, yàrá onílé ló sì máa sùn sí.

Àwọn kan máa ń tẹ Force stop, wọ́n á rò pé ọ̀kan náà ni. Rárá o. Force stop dà bí ìgbà tí a sọ fún àlejò pé kó jáde, tí a kò sì ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ẹnì kan bá tún ṣí áàpù náà, tàbí tí áàpù mìíràn bá pè é, ó ti padà wọlé nìyẹn. Ẹrù rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀ rárá.

Bí a ṣe ṣe é, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Orúkọ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà jọra.

Àkọ́kọ́, mo ṣí Settings, mo sì tẹ Apps. Àwọn díẹ̀ ni fóònù kọ́kọ́ fi hàn mí, torí náà mo tẹ See all apps kí gbogbo wọn lè jáde.

Èkejì, mo tẹ áàpù ọjà náà, mo sì wọ Storage láti wo bó ṣe tóbi tó. 420 MB ló jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má fo èyí o, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà tọ́ sí i. Áàpù tí kò gba ọ́pídéètì rí kò ní dá àyè kankan padà fún yín, ariwo rẹ̀ nìkan lẹ máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, mo padà sẹ́yìn, mo tẹ Disable. Fóònù kìlọ̀ fún mi pé àwọn áàpù mìíràn lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Fún áàpù ọjà tí ẹnì kankan kò lò, kò sí wàhálà níbẹ̀. Mo tẹ Disable app.

Ẹ̀kẹrin, fóònù bi mí bóyá kí ó fi ẹ̀dà tó bá a wá rọ́pò áàpù náà, ó sì sọ pé gbogbo ìsọfúnni inú rẹ̀ máa lọ. Gbólóhùn yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Mo tẹ OK. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bọ́tìnì Disable di Enable. Bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti ṣẹ nìyẹn.

Mo ṣe áàpù orin, tó jẹ́ 510 MB, mo ṣe ti ìròyìn, tó jẹ́ 180 MB, mo sì ṣe eré náà, tó jẹ́ 290 MB. Tí ẹ bá ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 1,400 MB ni. Àyè tó ṣófo kúrò ní 310 MB, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.7 GB. A kò sì pa fọ́tò ẹyọ kan rẹ́ mọ́.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìṣe

Iṣẹ́ náà ti ń dùn mọ́ mi nígbà yẹn. Mo rí áàpù karùn-ún, èyí tí èèyàn fi ń kọ àkọsílẹ̀. Òun náà bá fóònù wá, kò ní Uninstall, mi ò sì rí àmì rẹ̀ rí lójú fóònù Mọ́mì. Mo ní ẹnì kankan kò lò ó. Mo tẹ Disable. Ìbéèrè kejì yẹn jáde, pé gbogbo ìsọfúnni inú rẹ̀ máa lọ.

Ibi tí Mọ́mì ti ń ro ọbẹ̀ ni wọ́n ti yọjú. "Kí lò ń tẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Áàpù àkọsílẹ̀ kan ni, Mọ́mì. Ẹ kì í lò ó."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lò ó? Níbẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ àwọn tó ń dá àjọ sí!"

Ọkàn mi já. Obìnrin mẹ́wàá ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ Mọ́mì, £50 lóṣoṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti san, ẹni tó ti kó, ẹni tí kíkó kàn, inú áàpù yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo yára tẹ Cancel. Ká ní mo tẹ OK ni, mo lè padà tẹ Enable, áàpù náà á sì padà wá, ṣùgbọ́n òfìfo ni ì bá padà wá. Enable ń dá áàpù padà, kì í dá ohun tí a kọ sínú rẹ̀ padà. Ta ni ì bá sì ṣàlàyé ìyẹn fún obìnrin mẹ́wàá?

Láti ọjọ́ yẹn, òfin méjì ni mo fi lélẹ̀ fún ara mi. Mo máa ń ṣí áàpù náà kí n tó pa á, kí n rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo sì máa ń bi ẹni tó ni fóònù, áàpù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mọ́mì náà ti da orúkọ àwọn alájọ kọ sínú ìwé báyìí.

Àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn

Àbúrò mi ọkùnrin rí ohun tí mo ṣe, òun náà lọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa áàpù lórí fóònù àtijọ́ tí wọ́n fún un. Kò pẹ́ tó fi ń ké. Ó ti pa kíbọ́ọ̀dù! Ibi yòówù tó bá tẹ̀, lẹ́tà kò jáde mọ́, kò sì lè kọ ọ̀rọ̀ kankan láti wá ìrànlọ́wọ́. Ó dára pé nọ́ńbà ló fi ń ṣí fóònù rẹ̀, torí ibi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà yẹn kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà tó ní lẹ́tà ló ń lò, tí ó sì ti fóònù náà pa, ọ̀rọ̀ ì bá di ńlá.

Títẹ̀ nìkan la fi tún un ṣe, a kò kọ nǹkan kan. A wọ Settings, Apps, See all apps. Lókè níbẹ̀, a yí All apps sí Disabled apps. Gbogbo ohun tó ti pa tò sílẹ̀. A tẹ kíbọ́ọ̀dù, a tẹ Enable, ó sì padà. Ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn o, torí ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ohunkóhun tí ẹ bá pa tí ẹ sì kábàámọ̀.

Àwọn mìíràn wà tí orúkọ wọn kò jọ nǹkan kan lójú wa, ṣùgbọ́n tí gbogbo ilé dúró lé wọn lórí. Ọ̀kan ni Google Play services, tí ọ̀pọ̀ áàpù gbára lé láti wọlé sí àkáǹtì àti láti gba ìkìlọ̀. Òmíràn ni Android System WebView. Ìyẹn ni àwọn áàpù mìíràn ń lò láti fi ojú ìwé ayélujára hàn nínú ara wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọ́pídéètì WebView kan ní àléébù, áàpù àwọn èèyàn káàkiri ayé, tó fi dé Gmail, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra wọn bí wọ́n bá ti ṣí wọn. Ohun kékeré tí ẹnì kankan kò mọ orúkọ rẹ̀ ló fà á.

Nítorí náà, ìlànà tí mo ń lò rọrùn. Tí mi ò bá lè ṣí áàpù náà, tí mi ò sì lè fi gbólóhùn kan sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mi ò ní pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Phone, Messages, àti Settings fúnra rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tí Disable kò bá ṣeé tẹ̀

Lórí áàpù míì, Disable á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣú, kò gbọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, ohun tó fà á ni pé fóònù kò lè ṣe kó má ní i. Nígbà mìíràn, a ti fún áàpù náà ní àṣẹ alábòójútó. Ẹ wá Device admin apps nínú Settings, ní abẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò. Tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì mọ̀ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ padà wá wo Disable. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé ló fi í síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.

Tí kò bá tún gbà, ẹ lè pa á lẹ́nu mọ́ láìpa á. Lójú ìwé áàpù náà nínú Settings, ẹ tẹ Notifications, kí ẹ pa á. Ẹ wọ ibi dátà rẹ̀, kí ẹ pa Background data. Àmì ẹlẹ́kán mẹ́ta wà lókè níbẹ̀ tó ní Uninstall updates nínú, ìyẹn náà á dá àyè padà. Àmọ́ mi ò fẹ́ràn èyí, torí áàpù náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà àtijọ́ tí a kò tíì dí ihò ààbò rẹ̀. Áàpù àtijọ́ tó ń sùn kò léwu tó áàpù àtijọ́ tó ń rìn kiri.

Ẹ tún mọ èyí: tí ẹ bá dá fóònù padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde láti ilé-iṣẹ́, yàrá tiwa nìkan ló máa ń gbá mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù onílé á ṣì wà níbẹ̀, gbogbo èyí tí ẹ ti tì pa á sì ṣí padà. Nígbà tí Áńdíróìdì tuntun ńlá bá wọlé náà, ó dára kí ẹ padà lọ wo Disabled apps, kí ẹ rí i pé àwọn tí ẹ tì pa ṣì wà ní títì.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Mọ́mì tẹ fídíò Màmá Àgbà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yí díẹ̀, ó wọlé. Gbogbo wa kóra jọ sínú kíṣíìnì. Màmá Àgbà gbé ọmọ náà dání, wọ́n ń kì í, ojú wọn ń tàn. Nígbà tí wọ́n parí, Mọ́mì ní kí n má pa fídíò yìí rẹ́ láéláé.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu. Yàrá tiyín ló wà."